Kí Lẹ Ó Sọ fún Ẹni Tó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọ̀nà oko lẹ ń wò yìí, lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Oòrùn kò tíì gòkè. Baba kan ń kọ ebè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gun ọ̀kadà bọ̀, ó rọra dẹ̀rìn, ó ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o." Baba ní, "Òo, o ṣé, ọmọ mi," ọkọ́ kò sì kúrò nílẹ̀. Kò pẹ́ sí i, obìnrin kan tó ń lọ já ẹ̀fọ́ dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà: "Baba, àroko bọ́dún dé o!" Baba nàró. "Àṣẹ o! Ìwọ náà á bá ọdún dé."

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò ṣe àṣìṣe kankan. "Ẹ kú iṣẹ́" dára fún gbogbo òṣìṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti sọ ohun tí baba fúnra rẹ̀ ń rò bó ti ń kọ ebè. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Àroko ni ẹni tó ń ro oko. Bọ́dún dé ni bá ọdún dé. Kí ẹni tó ń ro oko yìí wà láàyè nígbà tí ọdún bá yí po, kó rí ìkórè ohun tó gbìn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í sanwó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Ẹni tó kọ ebè lónìí ń dúró de òjò, de ìtàkùn, de oṣù mélòó kan kí iṣu tó ta. Ìdúró yẹn gan-an ni ìkíni náà gbàdúrà lé lórí.

Bí ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn baba wa gbà ṣe ti àwọn yòókù. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ irin lẹ́bàá iná, wọ́n ní "Àrọyè o": kó rọ ọ́, kó sì yè. Aláró tó ń rẹ aṣọ, wọ́n ní "Àrẹdú o", nítorí pé aró tí kò bá dú, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ló ṣòfò yẹn. Ọdẹ tó ń wọgbó, "Àrìnpa o": kó rìn, kó sì pa ẹran. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló ṣáájú, ibi tó fẹ́ kí iṣẹ́ náà já sí ló tẹ̀ lé e.

Apá kejì wà, òun ni mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kì í mọ̀. "Ẹ kú" kì í ṣe ti iṣẹ́ nìkan. Ohun tó bá ń bá ẹni náà fínra lásìkò yẹn ni ẹ ó fi tẹ̀ lé e. Bí baba yẹn bá dúró sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ní "Ẹ kú oòrùn o." Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, "Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o, Ọlọ́run á rọ̀jò." Nígbà tí mo wà léwe, mo rí baba àgbà kan lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti fi ọkọ́ sílẹ̀, ó nà gbalaja. Mo kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́, baba." Ó fọwọ́ pè mí, ó ní, "Ọmọ, kí ni mò ń ṣe?" Mo ní ó ń sinmi. Ó ní, "Nígbà náà, kí mi kú ìsinmi." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ènìyàn dáadáa kí n tó la ẹnu. Bí ẹ bá sì bá a nídìí oúnjẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ ní "Ẹ wá jẹun," ẹ̀yin ó ní "Á gba ibi ire o."

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Ọ̀yọ́ báyìí, sí ọjà Akẹ̀sán, ọjà ọba, nítòsí ààfin Aláàfin. Ìyá tó jókòó ti ẹ̀lùbọ́ yìí, ẹ lè kí i pé "Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìjókòó." Lẹ́yìn náà ni àdúrà: "Ajé á wọgbá o!" Inú igbá ni àwọn ìyá wa ń pa owó ọjà sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kí ajé wọ̀. Ìyá á ní "Àṣẹ." Ibi tí àwọn oníbàárà ti ń ṣì í ni ìgbà tí wọ́n bá ná ọjà tí owó kò wọ̀. Wọ́n á kàn yí ẹ̀yìn padà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárọ̀ tí ìyá kò tíì tà rárá. Ẹ ní "Ẹ ó tà o, ìyá," kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán yìí. Ẹni tó bá lọ síwájú ìyá kan tó dúró ti eérú ọjà rẹ̀ tó ní "Ajé á wọgbá," ó ti fi iyọ̀ sójú egbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúrà ló ṣe. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ la ó kọ́kọ́ kí: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ kú àdánù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." Tí ìyá bá ti tún àtẹ pa, tó ti jókòó padà, ajé lè wá wọgbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbẹ̀ tí màálù jẹ oko rẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin tó ru àpò yẹn. Aláàárù ni. Ẹ kọ́kọ́ yà fún un, nítorí pé bí ó ti ń ké "Àgò o, àgò!" yẹn, ojú ọ̀nà ló ń wá. "Ẹ kú ẹrù o" ti tó. Ẹ má bi í léèrè ilé àti ọ̀nà, ẹ má sì retí kó dọ̀bálẹ̀, kódà bí ẹ bá jù ú lọ. Tó bá ti dé ibi tó fẹ́ sọ ẹrù, ẹni tó bá bá a gbé e sọ̀kalẹ̀ ti kí i ju ẹni tó ń pariwo lọ.

Ó ku àwọn bíríkìlà tó wà lórí igi lókè yẹn. Àwọn tó ń po kọnkéré nílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, ẹ má ké lójijì sí ẹni tó wà lókè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọwọ́ ò ní yẹ̀, ẹsẹ̀ ò ní yẹ̀." Mo sì ti gbọ́ tí ènìyàn ń sọ fún bíríkìlà pé "Ẹ̀mí yín á lò ó." Ta ni yóò lò ó? Ilé onílé ni! Ẹni tó ni ilé ni àdúrà yẹn wà fún, òun náà la sì ń kí pé "Ẹ kú ìnáwó." Tí ẹ kò bá mọ onílé láàárín àwọn tó dúró síbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó gbàdúrà náà.