"Ó yá" àbí "kò tíì yá": ohun tó yẹ ká wò kí sọ́fítíwíà tó jáde

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gbólóhùn kan wà tó máa ń kó mi láyà sókè tí ọjọ́ ìgbéjáde bá ti kù díẹ̀: "Mo ti tún un ṣe." Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́. Ó ti tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ni.

Ẹ wo áàpù àjọ tí àwa mẹ́rin jọ ń kọ. A fẹ́ gbé ẹ̀dà 2.0 jáde, a sì ṣí `milestone` fún un lórí GitHub. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, mi ò ní dúró síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la kọ sílẹ̀: ọjọ́ tí a ò ní gba iṣẹ́ tuntun mọ́, ọjọ́ tí a máa di ẹ̀dà ìdánwò, àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwọn oníbàárà máa rí i. Ìpàdé ìpinnu bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, iṣẹ́ mọ́kànlá ló kù nínú àkọsílẹ̀ wa. Iye yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé èwo nínú wọn ló tó dá wa dúró? Àkọlé tó gé lórí fóònù kékeré, ó lè dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Àmọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá já, tí áàpù wá yọ owó àjọ ìyá kan lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ò ṣeé gbé jáde. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú pé ohunkóhun tó bá ṣi owó kà máa gba àmì `blocker`. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ ṣáájú! Tí ẹ bá dúró di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ti rẹ gbogbo ènìyàn, kò sí àṣìṣe tí ẹ ò ní pè ní kékeré.

Mo tẹ èyí:

```
gh issue list --milestone "2.0" --label blocker
```

Kò mú nǹkan kan jáde. Inú gbogbo wa dùn. Ibí gan-an ni ẹ ti máa ń ṣìnà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Àárọ̀ Ọjọ́rú la di ẹ̀dà ìdánwò. Alẹ́ Ọjọ́rú ni ẹni tó tún ọ̀rọ̀ owó náà ṣe parí, tó sì pa á dé nínú àkọsílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò sí nínú ohun tí a fẹ́ fún àwọn ènìyàn! Báyìí ni mo ṣe mọ̀, `3f9a1c2` ni nọ́ńbà àtúnṣe náà:

```
git tag --contains 3f9a1c2
```

`v2.0-rc1`, ẹ̀dà ìdánwò tí a dì láàárọ̀ Ọjọ́rú, ò sí nínú èsì tó jáde. Ó tán.

Ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí? Nígbà tí à ń kọ́lé, oníná sọ fún bàbá mi pé òun ti ra páìpù tí wáyà máa gbà kọjá. Ó rà á lóòótọ́. Bàbá mi gun orí pákó lọ, wọ́n ń fọwọ́ kan páìpù ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín irin kí wọ́n tó gbà kí wọ́n tan mísà. Méjì ṣì wà nínú bùùtù ọkọ̀ oníná. Tí kọnkéré bá ti gan, gbígbẹ́ ló kù. Ẹ FỌWỌ́ KÀN ÁN NÍNÚ Ẹ̀DÀ TÓ Ń LỌ, kí ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹni tó tún un ṣe sì fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń ṣe Fedora Linux máa ń ṣe ìpàdé yìí ní gbangba. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń bèèrè: ṣé ẹ̀dà ìdánwò wà, ṣé ìdènà kankan kù, ṣé wọ́n ti dán gbogbo ohun tó yẹ wò? Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2022, àwọn tó ń kọ OpenSSL, sọ́fítíwíà ààbò tí Fedora ń lò, kéde pé àtúnṣe àléébù ààbò kan tó le gan-an máa jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, wọn ò sì tíì sọ ohun tí àléébù náà jẹ́. Fedora 37 ti pẹ́ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n sún un sí ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá kí àtúnṣe náà lè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àlàyé jáde, àléébù náà ò le tó bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kéde. Ẹnì kan lè ní wọ́n kàn fi àkókò ṣòfò. Èmi ò gbà. Ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ni wọ́n fi pinnu.

Àwa náà sọ pé kò tíì yá. A di `v2.0-rc2`, a sì tún gbogbo ọ̀nà tí owó ń gbà dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a tún ṣe nìkan. Ó dára tí a ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé àtúnṣe yẹn ti dí rìsíìtì lọ́wọ́: owó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n rìsíìtì ò jáde mọ́. `v2.0-rc3` ló wá wọ ọwọ́ àwọn oníbàárà, ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá.