Ohun tí fọ́tò irun ẹ̀bátí lè sọ fún wa

Ẹ kú ìjókòó o. Fọ́tò kan ṣoṣo ni a máa yẹ̀ wò lónìí: ẹ̀gbẹ́ orí obìnrin kan, láti ẹ̀bátí dé òkè etí, tí wọ́n sún mọ́ gan-an kí wọ́n tó yà á.

Kí ẹ tó sọ pé irun kan kún tàbí kò kún, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tutù. Omi máa ń so irun pọ̀ ní ìdì-ìdì, àwọ̀ orí á wá hàn láàárín, irun tó kún dáadáa á sì dà bí èyí tó ti ń pá. Omi yìí kan náà ló ń na irun tó ká, nítorí náà irun gbígbẹ tí kò ní ìpara ni a fi ń sọ bó ṣe ká tó.

Irun inú fọ́tò tiwa gbẹ. Ó ká kéékèèké láti ìdí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì tín-ín-rín. Ẹ má fi ìyẹn pè é ní irun tí kò kún o. Ẹyọ irun lè tín-ín-rín kí orí sì kún fọ́fọ́. Ìlà tí wọ́n fi la irun ni kí ẹ wò, bóyá àwọ̀ orí tó hàn níbẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ẹ̀bátí, irun ti fọ́nká ní ìwọ̀n ìka méjì. Ṣùgbọ́n níwájú ibẹ̀, létí ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, irun wẹ́wẹ́ ṣì tò lọ ní ìlà kan. Ìlà yìí ló mú mi fura sí dídì tó le: ọwọ́ onídìrí kì í sábà rí irun wẹ́wẹ́ yẹn mú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jìyà.

Àwọn irun kúkúrú tó wà láàárín ńkọ́? Ẹ wo ṣóńṣó wọn. Irun tó ń hù bọ̀ máa ń tín-ín-rín sí i lókè. Èyí tó já máa ń parí gúlútú, tàbí kí orí rẹ̀ ṣí bí ìgbálẹ̀. Àwọn tiwa parí gúlútú, gígùn wọn ò sì dọ́gba, nítorí náà kì í ṣe sísọ́ọ̀sì ló gé wọn. Irun ń já níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ jíjá nìkan kò lè ṣí ẹ̀bátí tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún rí nǹkan funfun tó yí ìdí àwọn irun kan ká bí ọ̀já. Èèpá orí máa ń wà káàkiri lórí àwọ̀. Eléyìí rọ̀ mọ́ irun, ó sì sábà ń fi hàn pé fífà náà ò tíì dáwọ́ dúró.

Ohun tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò náà nìyí: “Irun gbígbẹ, ó ká kéékèèké, ẹyọ rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀bátí fọ́nká, irun wẹ́wẹ́ ṣẹ́ kù níwájú. Irun tó já wà níbẹ̀. Ojú ihò irun ṣì hàn lápá òkè; lápá ìsàlẹ̀ àwọ̀ ń dán, mi ò rí ihò.” Mi ò kọ ọ́ pé ihò ti dí, torí iná kámẹ́rà náà lè mú àwọ̀ dán. Dókítà awọ ara tó ní awò ìmúǹkantóbi ló lè yanjú ìyẹn.