Ta Ló Da Aró Nù? Bí Ẹ Ṣe Máa Yẹ Ìsọníṣókí Ìtàn Yín Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi. Òṣogbo ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti kọ ìtàn yín tán, ilé ìtẹ̀wé ní kí ẹ fi ìsọníṣókí olójú-ewé kan ránṣẹ́, ẹ sì ti kọ ọ́. Ó dáa. N ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò: ṣé ìtàn náà wà nínú ojú ewé yẹn látòkèdélẹ̀, tòun ti òpin rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "Ó wà níbẹ̀, mo kọ òpin sí i." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Irọ́ ni mo ń pa, n ò kàn mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn tèmi hàn yín, èyí tó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin inú rẹ̀, ọmọ aláró. Ní òru ọjọ́ kan, ẹnìkan wọlé wá da gbogbo ìkòkò aró ìyá rẹ̀ nù, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá Ṣadé tó ń bá ìyá rẹ̀ du oníbàárà ni Àbẹ̀kẹ́ fura sí, ó sì bú u lójú ọjà. Bẹ́ẹ̀ Délé, ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ gan-an, ló da aró náà nù. Òun ti ta ilẹ̀ tí ìkòkò wà lórí rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì fẹ́ kí iṣẹ́ sú ìyá wọn kó lè kúrò níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe parí ìsọníṣókí mi nígbà yẹn: "Bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe ń wá ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà, ó kan àṣírí kan tó mi ìdílé rẹ̀ tìtì. Ó di dandan kó ṣe ìpinnu tó le jù láyé rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, òtítọ́ lékè."

Ó dùn létí, àbí? Mo kà á sókè fún ara mi, orí mi wú. Mo wá gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń din àkàrà ní Òkè-Fíà. Kò tíì ka ìwé náà rí. Ó kà á, ó fi epo ọwọ́ rẹ̀ yí i, ó ní, "Ta ló wá da aró nù?" Mo ní, "Ẹ máa rí i nínú ìwé, Àǹtí mi." Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo fẹ́ ra ìwé ni?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ẹni tó fẹ́ ra ìwé là ń fi òpin pa mọ́ fún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé nìyẹn. Ìsọníṣókí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé. MO TÚN UN SỌ: ÌSỌNÍṢÓKÍ KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀YÌN ÌWÉ. Olóòtú fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè parí ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kó tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ka gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ adìrẹ oníko, á tètè yé yín. Ẹ so aṣọ, ẹ fi ìko dè é pinpin, ẹ rẹ ẹ́ sínú aró. Alájàpá wá láti ìlú òkèèrè, ó fẹ́ kó ogójì ìró. Ṣé ẹ máa gbé e fún un ní dídè, kí ẹ ní kó dé ilé kó tó tú u? Á tú okùn yẹn níwájú yín ni! Á tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, á wo etí ibi tí aró kì í sábà mu. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n tú aṣọ, aró rẹ̀ ló ṣá. Ẹ má jẹ́ kí n lọ jìnnà, adìrẹ ni, ẹnu mi kì í dákẹ́ lórí rẹ̀.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé okùn ṣì wà lára tiyín? Ẹ mú bírò pupa. Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí kò ṣeé fọwọ́ bà: àṣírí, òtítọ́, ìpinnu, ewu, àyànmọ́, ìyípadà. Ẹ fi òbìrípo yí wọn ká. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé ÈWO? Àṣírí wo? Ìpinnu wo? Bí ìdáhùn kò bá sí nínú ojú ewé yẹn, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi ìdáhùn rọ́pò rẹ̀. Àmì ìbéèrè ńkọ́? "Ǹjẹ́ Àbẹ̀kẹ́ á rí ẹni náà?" Ẹ pa á rẹ́. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bi, ẹ dáhùn!

Ibí yìí lẹ ti máa ń ṣìnà, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá kọ "Délé ló da aró nù" á rò pé òun ti dé òpin. Kò tíì dé o. Ó kù kí á mọ ìdí tó fi ṣe é, kí á mọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe nígbà tó mọ̀, kí á sì mọ ohun tí ó ná wọn. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olóòtú kò lè sọ bóyá ìtàn yín dúró.

Ẹ ka ìlà náà pẹ̀lú. Ìsọníṣókí mi jẹ́ ìlà 42. Orí 1 sí 3 nìkan gba ìlà 26. Orí 21 sí 30, níbi tí gbogbo nǹkan ti tú jáde, gba ìlà 3. Ọgbọ̀n orí ni gbogbo ìwé náà! Ohun tí mo fẹ́ràn láti kọ ni mo kọ gùn, ohun tó ni mí lára ni mo sá fún. Ẹ wo tiyín, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ má wá tìtorí ọ̀rọ̀ mi kó gbogbo ìwé síbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà láàárín Délé àti Ṣadé nínú ìtàn mi, orí mẹ́rin gbáko. Mo yọ ọ́ nínú ìsọníṣókí, mo sì wò ó bóyá òpin ṣì dúró. Ó dúró digbí. Mo fi í sílẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ èébú ojú ọjà yẹn, òpin wó lulẹ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ báyìí.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí: "Nínú àpótí Délé, Àbẹ̀kẹ́ rí ìwé tí ó fi ta ilẹ̀. Ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí, Délé sì jẹ́wọ́ pé òun da aró nù kí ìyá wọn lè kúrò níbẹ̀. Ó sá kúrò nílùú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ kò padà, ẹni tó rà á ti ń mọ ilé lórí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ lọ kúnlẹ̀ bẹ Ìyá Ṣadé, ìyẹn sì fún ìyá rẹ̀ láàyè ìkòkò méjì nínú agbo aró tirẹ̀."

Mo gbé e padà lọ sí Òkè-Fíà. Mi ò ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ̀yin náà ẹ má ṣàlàyé, ẹ kàn dúró. Àǹtí mi kà á tán, ó gbé síbí àkàrà sílẹ̀. Ó ní, "Délé yìí ò da o. Ìkòkò méjì péré, nínú mẹ́fà?"