Ìlú wo ni mọ́tò yìí yóò máa padà sí? Bí a ṣe ń ka ọfà inú ẹ̀wọ̀n Máákọ́fù

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo káádìbọ́ọ̀dù tó wà níwájú mi yìí. Ìlú mẹ́sàn-án ní Èkìtì ni mo fi máákà kọ sí i, mo sì fa ọfà láàárín wọn. Ẹkùrọ́ kan ṣoṣo tí ẹ rí lórí Adó yìí ni mọ́tò wa. Láràárọ̀, dírẹ́bà á wo ìlú tó sùn, á yan ọfà kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀, á sì tẹ̀lé e. Ibi tó wà lánàá kò kàn án mọ́. Ibi tó wà lónìí nìkan ló ń sọ ibi tó ṣeé ṣe kó wà lọ́la. Irú ètò báyìí ni Máákọ́fù, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1906, òun náà la sì fi ń pè é ní ẹ̀wọ̀n Máákọ́fù. Ìlú kọ̀ọ̀kan la ó máa pè ní ipò. Èmi ni mo ṣètò ọfà wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́ òní, kì í ṣe bí mọ́tò ṣe ń rìn gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọfà náà pọ̀. Láti Ìkẹ́rẹ́, ọfà kan ṣoṣo ló jáde, Adó ló sì lọ. Kò sí ọfà kankan tó wọ Ìkẹ́rẹ́. Láti Adó, nínú ìgbà 100, ìgbà 99 ni mọ́tò máa lọ sí Ìyìn, ìgbà kan péré ló máa lọ sí Ìfàkì. Láti Ìyìn, ìgbà 99 ló máa padà sí Adó, ìgbà kan ló máa tẹ̀ síwájú dé Ìgèdè. Láti Ìgèdè, Aràmọkọ ló kàn, kò sí ibòmíràn. Ní Aràmọkọ, ìdajì ni ó padà sí Ìgèdè, ìdajì ni ó lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀fọ̀n sì ń dá a padà sí Aràmọkọ. Ní apá kejì, Ìfàkì ń lọ sí Ọ̀yẹ́. Ọ̀yẹ́ ní ọfà méjì: ọ̀kan padà sí Ìfàkì, ọ̀kan lọ sí Ìkọ̀lé, ìdajì ìdajì. Láti Ìkọ̀lé, mọ́tò á já wá sí Ìfàkì tààrà.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: Adó ńkọ́? Tí mọ́tò bá kúrò níbẹ̀, ṣé ó dájú pé yóò padà? Púpọ̀ nínú wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rí 99 nínú 100, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé, torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fi àtàǹpàkò bo gbogbo nọ́mbà. Ẹ wò ó, mo ti bò wọ́n. Ọfà nìkan ló kù. Níwọ̀n ìgbà tí iye ìlú bá níye, ọfà tó wà àti ọfà tí kò sí ti tó láti dáhùn ìbéèrè náà.

Ẹ mú ìlú méjì. Tí ẹ bá lè tẹ̀lé ọfà láti èkíní dé èkejì, tí ẹ sì tún lè tẹ̀lé ọfà láti èkejì padà sí èkíní, agbo kan náà ni wọ́n wà. Adó àti Ìyìn ń dé ọ̀dọ̀ ara wọn, agbo kan nìyẹn. Ìgèdè, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, agbo kejì. Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, agbo kẹta. Ìkẹ́rẹ́ dá wà, torí pé kò sẹ́ni tó lè padà síbẹ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí agbo kọ̀ọ̀kan ká. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tí a ó wò: ǹjẹ́ ọfà kan wà tó gba orí ìlà yìí jáde? Tó bá wà, agbo yẹn ń jò. Tí kò bá sí, agbo yẹn tì pa.

Agbo Adó àti Ìyìn ń jò ní ojú méjì: ọfà Adó sí Ìfàkì, àti ọfà Ìyìn sí Ìgèdè. Ìkẹ́rẹ́ náà ń jò. Àwọn agbo méjì yòókù tì pa, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò jáde mọ́. Gbogbo ipò inú agbo tó ń jò, ipò àkọjá la ń pè é. Gbogbo ipò inú agbo tó tì pa, ipò àpadàbọ̀ ni.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣí nọ́mbà wò díẹ̀. Kí mọ́tò tó lè lọ Ìyìn kó sì padà sí Adó, ó gbọ́dọ̀ bọ́ nínú ewu méjì, 0.99 lọ́nà 0.99, ìyẹn 0.9801. Ó ku 0.0199 pé kò ní padà láé. Gbogbo ìgbà tó bá tún dé Adó ni ewu yìí ń dúró dè é lákọ̀tun, kò sì ń dín kù. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ ní Adó máa padà síbẹ̀ bí ìgbà 49 ní ìpíndọ́gba. Ìgbà 49 kì í ṣe kékeré o! Ẹni tó bá ń wò ó fún oṣù méjì lè búra pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye tó níye ni, lọ́jọ́ kan ó máa já sí Ìfàkì tàbí Ìgèdè, Adó kò sì ní rí i mọ́.

Ti agbo tó tì pa yàtọ̀. Ọjọ́ kò lópin, ìlú mẹ́ta péré ló sì wà tí mọ́tò lè sùn. Ó di dandan kí ìlú kan, ó kéré tán, gbà á lálejò láìlópin. Bó bá sì ń dé ìlú kan láìlópin, tí ọ̀nà sì wà láti ibẹ̀ dé àwọn yòókù, òun náà ni yóò máa dé wọn láìlópin. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: ìlú níye. Ká ní ìlú tò lọ lórí ìlà kan láìlópin sí ọ̀tún àti sí òsì, tí dírẹ́bà ń lọ sí ọ̀tún pẹ̀lú 0.6 tó ń lọ sí òsì pẹ̀lú 0.4, agbo kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, kò sí ibi tó ń jò, síbẹ̀ ipò àkọjá ni gbogbo wọn. Níbẹ̀, a kò lè bo nọ́mbà mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sáà. Ìbéèrè mìíràn pátápátá ni èyí, mo sì fẹ́ kó yé wa dáadáa, torí mo ti rí ìdánwò tí wọ́n ti pín ipò sí ọ̀nà mẹ́ta, bíi pé onísáà ni ẹ̀ka kẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipò àpadàbọ̀ lè ní sáà, ipò àkọjá náà lè ní in. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ní ọjọ́ kelòó ni mọ́tò lè padà sí ibi tó ti gbéra? Ẹ kó gbogbo iye ọjọ́ tó ṣeé ṣe jọ, kí ẹ wá nọ́mbà tó tóbi jù tó lè pín gbogbo wọn láìṣẹ́kù. Nọ́mbà yẹn ni sáà. Tó bá ju 1 lọ, ipò náà jẹ́ onísáà. Ìlú tó bá wà nínú agbo kan náà, sáà kan náà ni wọ́n ní.

Kíka àyíká lójú lásán máa ń ṣi ni lọ́nà, ọ̀nà tí èmi ń lò nìyí. Ẹ mú ìlú kan nínú agbo, ẹ kọ 0 sí i. Èyí tí ẹ bá fi ọfà kan dé láti ibẹ̀, ẹ kọ 1. Èyí tó jẹ́ pé ọfà méjì ló kéré jù láti ibẹ̀ dé e, ẹ kọ 2. Lẹ́yìn náà, fún ọfà kọ̀ọ̀kan nínú agbo náà, ẹ mú nọ́mbà ibi tó ti gbéra, ẹ fi 1 kún un, ẹ yọ nọ́mbà ibi tó dé kúrò. Nọ́mbà tó tóbi jù tó pín gbogbo èsì wọ̀nyí ni sáà.

Ìgèdè ni 0, Aràmọkọ 1, Ẹ̀fọ̀n 2. Ọfà Ìgèdè sí Aràmọkọ fún wa ní 0. Aràmọkọ sí Ẹ̀fọ̀n, 0. Aràmọkọ padà sí Ìgèdè, 1 àti 1 dín 0, ó jẹ́ 2. Ẹ̀fọ̀n sí Aràmọkọ, 2 àti 1 dín 1, 2 náà ni. Sáà wọn jẹ́ 2. Mọ́tò tó gbéra ní Ìgèdè, Aràmọkọ ló máa sùn ní gbogbo ọjọ́ tí kò ṣeé pín sí méjì, títí láé.

Ní apá kejì, Ìfàkì ni 0, Ọ̀yẹ́ 1, Ìkọ̀lé 2. Ọ̀yẹ́ padà sí Ìfàkì fún wa ní 2. Ìkọ̀lé sí Ìfàkì fún wa ní 3. Ohun tó pín 2 àti 3, 1 nìkan ni. Ibí ni àwọn kan ti máa ń sọ pé sáà Ìfàkì jẹ́ 2, torí pé ọjọ́ méjì ló yá jù láti padà. Yíyá kọ́ là ń wá. Sáà agbo yìí jẹ́ 1, kì í ṣe onísáà, ìdí nìyẹn tó fi ń rọlẹ̀: bó pẹ́ bó yá, ìṣeéṣe máa dúró sí 0.4 fún Ìfàkì, 0.4 fún Ọ̀yẹ́, 0.2 fún Ìkọ̀lé. Adó àti Ìyìn ní sáà 2, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ipò àkọjá. Ìkẹ́rẹ́ kò ní ìpadà rárá, nítorí náà a kì í sọ̀rọ̀ sáà rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí. Mo mú máákà, mo fa ọfà tín-ínrín kan láti Ẹ̀fọ̀n sí Adó, 0.001 péré, mo sì fi 0.999 sílẹ̀ fún Aràmọkọ. Ìgèdè, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ti lè dé Adó báyìí, Adó sì ti ń dé wọn tẹ́lẹ̀ láti ọwọ́ Ìyìn. Ìlú márùn-ún ti di agbo kan. Ǹjẹ́ agbo yìí tì pa? Ẹ wo Adó, ọfà Ìfàkì ṣì wà níbẹ̀. Ó ń jò. Ìlú mẹ́ta tó jẹ́ àpadàbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di àkọjá. Sáà 2 pẹ̀lú ti lọ, torí pé Adó, Ìyìn, Ìgèdè, Aràmọkọ, Ẹ̀fọ̀n, padà sí Adó jẹ́ ọjọ́ 5, kò sì sí nọ́mbà tó ju 1 lọ tó pín 2 àti 5. Ibikíbi tí ẹ bá gbé ẹkùrọ́ yìí sí lórí káádìbọ́ọ̀dù mi báyìí, àárín Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ni yóò parí ìrìn rẹ̀ sí.