Nígbà Tí “However” Bá Pọ̀ Jù: Máàkì Wo Ló Tọ́ sí Àròkọ Náà?

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ péjọ síbí láti kọ́ bí a ṣe ń máàkì àròkọ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpínrọ̀ kan. Inú àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irú rẹ̀ ti máa ń wáyé, ṣùgbọ́n mo gbé e wá sí Yorùbá kí gbogbo wa lè gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ asopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí “síbẹ̀síbẹ̀”, “however” ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ. “Pẹ̀lúpẹ̀lù” dúró fún “moreover”. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni bóyá ó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé.

“Ní àkọ́kọ́, iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé máa ń dín àkókò ìrìnàjò kù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà mọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, òṣìṣẹ́ lè lo àkókò yìí fún ẹbí rẹ̀. Ní àfikún, ilé iṣẹ́ máa ń náwó púpọ̀ lórí ọ́fíìsì. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ lè má rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ìparí, iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé dára.”

Gbólóhùn mẹ́fà, ọ̀rọ̀ asopọ̀ mẹ́fà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ka iye wọn, wọ́n sì ti fẹ́ yọ máàkì. Ẹ dúró ná. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ asopọ̀ kó tó máàkì kò tíì ka àròkọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi ìka bo ọ̀rọ̀ asopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún ìpínrọ̀ náà kà bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kìíní ní àkókò ìrìnàjò dín kù. Èkejì ní òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ! “Pẹ̀lúpẹ̀lù” ti ṣèlérí pé ohun tuntun kan ń bọ̀ wá kún ti àkọ́kọ́, ohun tuntun kankan kò sì dé. Asopọ̀ òfìfo ni mo máa ń pe irú ìyẹn.

Ìkẹta ló yẹ ká fara balẹ̀ sí. “Síbẹ̀síbẹ̀” ń sọ fún òǹkàwé pé kó múra sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Ọ̀rọ̀ kò yí padà. Àkókò tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ló fẹ́ lò fún ẹbí rẹ̀: àbájáde gbólóhùn tó ṣáájú nìyẹn, kì í ṣe òdì rẹ̀. Asopọ̀ èké ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ìka bò ó, gbólóhùn náà ṣì so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Kí ló so ó? Ọ̀rọ̀ kékeré kan, “yìí”, nínú “àkókò yìí”. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti so èrò rẹ̀ pọ̀ láìmọ̀, ó wá fi “síbẹ̀síbẹ̀” tú u.

Ìkẹrin, tí ẹ bá bo “ní àfikún”, ó dá dúró bí àlejò. Owó ọ́fíìsì ti jẹ́ báwo? Bóyá ó fẹ́ sọ pé ilé iṣẹ́ kò ní máa ná owó náà mọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́, òǹkàwé ló ń bá a kọ ọ́ lọ́kàn. Ìkarùn-ún burú jù ú lọ. “Nítorí náà” ní kí a gbà pé owó ọ́fíìsì ló fà á tí òṣìṣẹ́ kò fi rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ yí padà, ibí ló yẹ kí “síbẹ̀síbẹ̀” wà. Ìkẹfà wá parí ọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìdánìkanwà rí.

Èyí ni pé nínú mẹ́fà, méjì jẹ́ èké, ọ̀kan jẹ́ òfìfo, ọ̀kan ń bo ihò mọ́lẹ̀. Nǹkan mẹ́ta yìí kì í ṣe àìsàn kan náà, máàkì wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ dunjú, ti àròkọ kejì nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS. Ọ̀nà mẹ́rin la fi ń wọn àròkọ náà: bó ṣe dáhùn ìbéèrè, ìtòlẹ́sẹẹsẹ èrò àti ìsopọ̀ gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó lò, àti gírámà. Ìwọ̀n kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé ìlòjù ọ̀rọ̀ asopọ̀ wà nínú àlàyé ipele 5, ó wà nínú ti ipele 6, ó tún wà nínú ti ipele 7. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Nǹkan tó wà ní ipele mẹ́ta kò lè dá yàtọ̀ sílẹ̀ láàrin wọn. Ìdí tí mo fi ń bá àwọn tó ń ka iye jà nìyẹn, àti àwọn tó ń tẹ ìwé kékeré tí wọ́n kó àádọ́ta ọ̀rọ̀ asopọ̀ sí fún akẹ́kọ̀ọ́ láti há sórí. Ìwé yẹn ń ba àròkọ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há a sórí á wá ibi tí yóò fi wọ́n sí, dípò kó wá ohun tí yóò sọ.

Mo fẹ́ lọ sórí ìpín ìpínrọ̀ nígbà tí màmá kan láti ìlà kẹta nawọ́. Wọ́n ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àlàyé yín yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé wà níwájú mi tí mo sì gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà kan, tí ìlòjù bá wà ní 5, 6 àti 7, kí ni mo máa fi mọ èyí tí mo máa kọ?”

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí n ti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pa ìyókù tì, ká dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ẹ gbé ìpínrọ̀ wa yẹn padà wá, ká tún un kọ lọ́nà mìíràn: “Ní àkọ́kọ́, iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé máa ń dín àkókò ìrìnàjò kù. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ máa ń ráyè fún ẹbí rẹ̀. Ní àfikún, ilé iṣẹ́ kò ní máa sanwó ọ́fíìsì ńlá. Síbẹ̀síbẹ̀, òṣìṣẹ́ lè má rí ẹni bá sọ̀rọ̀.” Gbólóhùn mẹ́rin, ọ̀rọ̀ asopọ̀ mẹ́rin. Ó ṣì pọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ bò wọ́n, èrò náà ṣì ń lọ síwájú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan náà, bí ẹ̀rọ. Àlàyé ipele 6 gan-an nìyí: ọ̀rọ̀ asopọ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ ìsopọ̀ náà le bí igi.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀kẹta: “Iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé máa ń dín àkókò ìrìnàjò kù, òṣìṣẹ́ sì lè lo wákàtí tó jèrè yìí fún ẹbí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ń jèrè, torí kò nílò ọ́fíìsì ńlá mọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, èrè méjèèjì yìí kò lè rọ́pò ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.” Ẹ wo “wákàtí tó jèrè yìí”. Ẹ wo bí “jèrè” ṣe tún padà wá nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo “èrè méjèèjì yìí”, tó di ohun gbogbo tó ṣáájú sínú ìdì kan. “Síbẹ̀síbẹ̀” kan ṣoṣo ló kù, ó sì jókòó síbi tó tọ́ sí i. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ báyìí, tó wá fi “pẹ̀lúpẹ̀lù” méjì tí kò wúlò kún un níbòmíràn, kò jáde kúrò ní ipele 7. Àlàyé ipele náà fàyè gba àṣìlò díẹ̀ tàbí ìlòjù díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń lo onírúurú ọ̀nà, tó sì ń lò wọ́n pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Nítorí náà, mà, ohun méjì ni kí ẹ bi ìwé náà. Èkíní: nígbà tí mo bo ọ̀rọ̀ asopọ̀, ṣé èrò ṣì ń lọ síwájú? Èkejì: yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ asopọ̀, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí tún mọ̀ ọ́n fi so gbólóhùn? Láti ọdún 1976 ni àwọn onímọ̀ èdè méjì, Halliday àti Hasan, ti to irinṣẹ́ ìsopọ̀ sí márùn-ún: ìtọ́kasí bíi “èyí” àti “wọn”, ìfirọ́pò, ìyọkúrò ohun tó ti hàn kedere, ọ̀rọ̀ asopọ̀, àti ọ̀rọ̀ tó bá ara wọn tan. Ẹyọ kan nínú márùn-ún ni “however”. Tí èrò bá ń lọ síwájú tí irinṣẹ́ náà sì pọ̀, ẹ wà ní 7, ìlòjù díẹ̀ kò sì lè fà á wálẹ̀. Tí èrò bá ń lọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ asopọ̀ nìkan ló ń gbé e, 6 ni. Tí a bá ṣì lè tẹ̀ lé èrò náà tipátipá, tí asopọ̀ èké pọ̀, tí “òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́” kún ojú ìwé torí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ “wọn” lò, 5 ni. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wa wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bò wọ́n, ẹ kò rí okùn kankan dìmú mọ́, 4 ni kí ẹ máa wò.

Ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn pé ṣé ìyàtọ̀ ipele kan tó nǹkan. Tí mẹ́ta yòókù bá jẹ́ 6, tí ẹ kọ 5 síbi tó yẹ kí 6 wà, àròkọ náà bọ́ láti 6 sí 5.75. Àròkọ kejì sì wúwo ní ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ nínú máàkì ìkọ̀wé.

Àkókò ti lọ, mo máa sáré sọ ti ìpínrọ̀. Gbogbo àròkọ lẹ ń máàkì, kì í ṣe ìpínrọ̀ kan. Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra wọn; tí kókó ìpínrọ̀ méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí “ní àkọ́kọ́” àti “ní ẹ̀ẹ̀kejì” nìkan sì là wọ́n, ìpín náà kò bá ọgbọ́n mu, ó sì ṣòro kí ó dé 7.

Èyí tó kẹ́yìn, torí ó ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀méjì: tó bá fi kọ́mà nìkan so gbólóhùn odidi méjì pẹ̀lú “however” láàrin wọn, àṣìṣe àmì ìkọ̀wé ni, inú gírámà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá ṣi sípẹ́lì “moreover”, abẹ́ ọ̀rọ̀ tó lò ni. Tí “however” bá ṣèlérí òdì tí òdì kò sì dé, ìgbà yẹn nìkan ló di ti ìsopọ̀. Ẹ fi àmì sí etí ìwé bí ẹ ṣe ń kà: “È” fún èké, “Ò” fún òfìfo, “I” fún èyí tó ń bo ihò. Nígbà tí ẹ bá kà dé òpin, ẹ wo “È” àti “I” kí ẹ tó wo “Ò”, torí “Ò” nìkan, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í sábà gbé àròkọ tó ń lọ síwájú kọjá 6 sísàlẹ̀.