Àkọlé Ímeèlì: Jẹ́ Kí Wọ́n Mọ Iṣẹ́ àti Gbèdéke Kí Wọ́n Tó Ṣí I

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wo àkọlé ímeèlì tó wà lójú fóònù yìí: “Nípa owó ìrìnàjò sí Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀...” Ibẹ̀ ni fóònù gé e sí. Akọ̀wé owó ló kọ ọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ ṣe ìpàdé. Rìsíìtì ló ń béèrè lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó bá rí i á rò pé owó ló fẹ́ wọlé, á sì ní òun á kà á tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀.

Fóònù kì í fi gbogbo àkọlé hàn. Èyí tó sábà máa ń hàn ò ju bíi lẹ́tà 30 sí 40 lọ, ó kù sí bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ tó. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ẹni náà ṣe ni kó ṣíwájú, kí gbèdéke tẹ̀ lé e, kí àlàyé wá gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká tún ti akọ̀wé wa kọ:

“Ẹ mú rìsíìtì wá, Ọjọ́bọ̀ 16/10, aago 4 ìrọ̀lẹ́: ìrìnàjò Abẹ́òkúta”

Kódà bí fóònù bá gé ìdí rẹ̀ dànù, ohun tí wọ́n nílò ti hàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ò kọ “ọ̀la.” Ẹni tó bá ṣí ímeèlì náà lọ́jọ́ kejì á ka ọ̀la tirẹ̀ mọ́ ọn. A tún fi aago sí i, torí tẹ́ ẹ bá kọ “kó tó di Ọjọ́bọ̀” lásán, ẹnìkan á mú un wá ní Ọjọ́bọ̀ náà, á sì bá yín jiyàn. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí Amẹ́ríkà, ẹ kọ orúkọ oṣù: 5/11 tó jẹ́ oṣù Nofẹ́ńbà lọ́dọ̀ tiwa, oṣù Méè ni wọ́n ń kà á sí lọ́hùn-ún.

Ní ti “PÀTÀKÌ” tàbí “KÍÁKÍÁ” gàdàgbà gàdàgbà yẹn, èmi ò rí ìwúlò rẹ̀. Kò sọ iṣẹ́, kò sọ ọjọ́.

Ibi tó máa ń dàrú jù ni èsì. Ká ní ọ̀gá sún gbèdéke sí Ọjọ́ Ajé 20/10, tí akọ̀wé kàn tẹ èsì lé ti àtẹ̀yìnwá. “Re: Ẹ mú rìsíìtì wá, Ọjọ́bọ̀ 16/10” ni gbogbo wọn á ṣì máa rí. Ó yẹ kó yí àkọlé náà padà: “Gbèdéke rìsíìtì di Ọjọ́ Ajé 20/10, aago 4: ìrìnàjò Abẹ́òkúta.” Àmọ́ o, Gmail á yọ ọ́ kúrò lára ọ̀wọ́ ti tẹ́lẹ̀, á dá dúró bí ímeèlì tuntun. Ìdí nìyẹn tí a fi fi “ìrìnàjò Abẹ́òkúta” sílẹ̀ nídìí rẹ̀, kí ẹni tó bá wá a lè rí méjèèjì pa pọ̀.