Bí Òróró Gbígbóná Bá Ta Sí Yín Lọ́wọ́: Ìṣẹ́jú 20 Tó Ṣe Kókó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá alákàrà kan ṣe àpẹẹrẹ, ká máa pè é ní Ìyá Ṣadé. Agogo 6 ààbọ̀ àárọ̀ ni, àwọn oníbàárà ti dúró tì í, òróró inú agbada ti gbóná dáadáa. Ojú ń kán an, ló bá ju àkàrà sínú òróró láti òkè, dípò kó rọra yọ́ ọ sílẹ̀ létí agbada. Òróró fọ́n sókè, ó sì dà lé e ní ẹ̀yìn ọwọ́, láti ìdí ìka méjì títí dé ọrùn ọwọ́. Òrùka wà ní ọ̀kan nínú àwọn ìka náà.

Kí ọwọ́ náà tó kúrò lójú iná pàápàá, ìmọ̀ràn ti ń rọ̀jò. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n fọ́ ẹyin sí i!” Oníbàárà kan ní kí wọ́n wá ọṣẹ ìfọyín. Ẹlòmíì ní ògì tútù ni. Gbogbo wọn ló fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n omi lásán ló yẹ kí wọ́n sáré wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Omi tó ń hó kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Òróró tí a fi ń dín nǹkan máa ń tó 170 sí 190. Yàtọ̀ sí pé ó gbóná jù ú lọ, òróró ki, kì í ṣàn kúrò lára bí omi ṣe ń ṣàn. Ó máa lẹ̀ mọ́ awọ ni, kó máa jó o lọ. Bí a bá tiẹ̀ ti nù ún kúrò, ooru tó ti wọlé ṣì wà nínú ẹran ara. Bí ẹyin tí a sè ṣe máa ń jinná sí i lẹ́yìn tí a ti gbé e kúrò lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni awọ ọwọ́ ṣe ń jinná lọ sísàlẹ̀. Omi tó ń ṣàn ló lè fa ooru yẹn jáde. Ẹyin, ògì, epo pupa, àdín àti fasilíìnì á bo ooru náà mọ́lẹ̀ ni, ẹyin tútù sì tún lè kó kòkòrò àrùn wọ ojú egbò.

Ó dáa. Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá Ṣadé máa ṣe ni pé kó kúrò nídìí agbada, kí ẹlòmíì pa iná. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹ má gbé omi wá sídìí agbada. Bí omi bá kán sínú òróró tó gbóná bẹ́ẹ̀, á bú sókè, ó sì lè gbiná. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé lọ síbi tí omi wà. Bí òróró bá ti rin apá aṣọ, ẹ bọ́ ọ kíá, nítorí aṣọ tí òróró rin ń dá ooru dúró sára. Àmọ́ bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fà á. Ẹ gé èyí tí kò lẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún dókítà.

Bí omi bá ti ń ṣàn lé ọwọ́ náà, ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Kì í ṣe tó bá di ọ̀la. Ọwọ́ tó jóná máa ń wú, òrùka tó yọ̀ wọ̀rọ̀ báyìí sì lè di ohun tó fún ìka pa ní wákàtí díẹ̀ sí i, tí ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé orí ìka mọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa ìdí òrùka, kí ẹ máa yí i jáde díẹ̀díẹ̀. Tó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má jagun pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń gé e níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ò ní fẹ́ kí wọ́n gé òrùka ìgbéyàwó òun, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ wúrà lè jó òrùka pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè jó ìka pọ̀.

Ìṣẹ́jú 20 gbáko ni omi náà máa fi ṣàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Wọ́n á bu omi sí i fún ìṣẹ́jú méjì, ara á tù wọ́n, wọ́n á dáwọ́ dúró. Láìpẹ́, ìrora á tún dé, torí ooru ṣì kù nísàlẹ̀. Ẹ wo aago, tàbí kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú náà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì ni Ìyá Ṣadé ti ń tajà, kí ọmọ rẹ̀ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi látinú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó máa rọra dà á láìdáwọ́ dúró. Omi inú ọ̀rá náà wúlò: ẹ fi eyín gé etí rẹ̀ díẹ̀, kó máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdajì lítà ló wà nínú ọ̀rá kan, nítorí náà ẹ máa nílò bíi 10 sí 20. Bí omi ò bá tó, ẹ da èyí tó kọ́kọ́ gbé òróró jáde nù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi abọ́ tó mọ́ gbe ìyókù, kí ẹ tún máa bù ú dà.

Omi tútù bó ṣe wà gan-an ló dáa. Yìnyín ò dáa, omi tó dì ò dáa. Yìnyín máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ibi tó ti farapa, awọ tó kù díẹ̀ kó yè á wá kú. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé, ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ bí omi ṣe ń ṣàn lé e lọ́wọ́, kí òtútù má bàa mú un.

Kí ni ká ṣe bí ẹnì kan bá ti fi ọṣẹ ìfọyín tàbí ẹyin sí i ná? Omi ni náà. Ẹ ṣàn án kúrò. Láàárín wákàtí 3 sí ìgbà tí òróró ta sí i, omi ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó yá ló sàn jù.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ro, kí ẹ wá bò ó. Náílọ́ọ̀nù tínrín tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ dáa púpọ̀, torí kì í lẹ̀ mọ́ egbò, dókítà sì lè rí egbò láti òkè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ já apá tó wà lókè dànù, kí ẹ tẹ́ ìyókù lé ọwọ́. Ẹ má wé e yí ká kó fún un, nítorí wíwú. Bí kò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tuntun tó mọ́, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́. Ti ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn nìyẹn o, kì í ṣe ohun tí ẹ ó wé mọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ò kọ parasítámọ́ọ̀lù lè lo 500 mílígíráàmù méjì, kó tó wákàtí 6 kó tó tún lò ó. Ẹ má bẹ́ ìléròrò, ẹ má sì tú ìyẹ̀fun inú kápúsù kankan dà sójú egbò. Ẹ má kun oògùn aláwọ̀ àlùkò yẹn náà: àwọ̀ rẹ̀ á bo egbò, dókítà ò ní mọ bó ṣe jìn tó.

Ó ku ìbéèrè pé, ṣé kí Ìyá Ṣadé padà sídìí agbada ni, àbí kó lọ sí ọsibítù? Bó bá jẹ́ pé ibi kékeré kan ló ń ta á, tí awọ rẹ̀ ò bó, tí kò sì lé ròrò, ó lè tọ́jú ara rẹ̀ nílé. Lára àwa adúláwọ̀, ẹ má retí pé ibi tó jóná á pọ́n kẹ́ ẹ tó gbà pé ó jóná. Ó lè kàn ṣú sí i ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ọwọ́ Ìyá Ṣadé, ìléròrò ti yọ ní ìdí ìka méjèèjì, abẹ́ ibi tí awọ ti bó sì rin, ó ń ta á gan-an. Lẹ́bàá ọrùn ọwọ́, ibì kan wà tó funfun, tó gbẹ, tí kò tiẹ̀ dùn ún rárá. Inú rẹ̀ dùn sí ibi tí kò dùn ún yẹn, ó rò pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jóná ni. Òun gan-an ló sì burú jù. Iná ti jìn débi pé ó ti jó ohun tó ń jẹ́ ká mọ ìrora. Ó gbọ́dọ̀ lọ láàárọ̀ yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn ọjà.

Èrò tèmi ni pé ìjóná òróró tó bá ti lé ròrò ní ọwọ́, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rí i lọ́jọ́ náà. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́lẹ́, iṣan tí a fi ń na ìka kò jìnnà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì dúró rárá bí ibi tó jóná bá funfun, tó dúdú tàbí tó le bí awọ ẹran. Bó bá yí ìka tàbí ọrùn ọwọ́ po. Bó bá ju àtẹ́lẹwọ́ àti ìka ẹni náà lọ. Bí orí ìka bá tutù tàbí tó kú tipiri. Ọmọdé, arúgbó, aboyún àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kí wọ́n lọ bí ìjóná náà bá tiẹ̀ kéré.

Níbẹ̀, wọ́n á fọ egbò, wọ́n á wò ó bóyá ìka ń nà tó sì ń ká, wọ́n á wé ìka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ sọ ọdún tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn fún wọn. Bí wọ́n bá ti wé e tán, wọ́n á ní kí ẹ máa ká ìka, kí ẹ máa nà án; ó máa dunni díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a gbé sójú kan lè le gan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ṣọ́ egbò. Bí ìrora tó ti ń lọ sílẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí egbò ń rùn, tí ọyún ń jáde, tàbí tí ibà dé, ẹ padà lọ ní ọjọ́ yẹn. Ìjóná òróró sì lè jìn sí i ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ju bí ó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò tíì san, ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìjóná, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n máa nílò láti gé awọ láti ibòmíì lára, irú bí itan, lẹ̀ mọ́ ọn kí àpá tó fa ìka ká.